Bí Ọbẹ̀ Bá Tẹ́ Lẹ́nu Àgbà

"Ọbẹ̀ yìí mà tẹ́ o! Ṣé iyọ̀ ti wọ́n ni?" Ẹ̀yin ará mi, bí ìyá tàbí bàbá yín bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí ọbẹ̀ tí gbogbo ilé jẹ tí wọ́n ń pọ́n ìka lá, ẹ má tètè bínú. Ẹ má sì sọ pé àgbà ti di ọmọdé. Nínú Ìwé Samuẹli Kejì orí 19, Dafidi ọba fẹ́ kí Barsillai ará Gileadi máa bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ òun ní Jerusalẹmu. Ẹni 80 ọdún ni bàbá náà, ó sì kọ̀. Ọ̀kan nínú àwíjàre rẹ̀ ni pé òun kì í mọ adùn oúnjẹ mọ́. Dafidi kò bá a jiyàn. Ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó súre fún un, ó jẹ́ kó padà sílé.

Imú ni ọ̀rọ̀ náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ahọ́n lè mọ iyọ̀, ṣúgà, ohun kíkan àti ohun kíkorò, ṣùgbọ́n òórùn tó ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sí imú ló ń jẹ́ kí a mọ̀ pé irú nìyí, ẹja yíyan nìyẹn. Ẹ fi ìka méjì di imú yín, kí ẹ wá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́npọ́n. Ẹ óò mọ̀ pé ó dùn, ṣùgbọ́n ẹ lè má mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Nínú imú lókè lọ́hùn-ún, àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbọ́ òórùn a máa kú, tuntun a sì máa rọ́pò wọn. Bí ọjọ́ ogbó bá dé, ìrọ́pò yìí a máa falẹ̀. Ìdí nìyí tí màmá fi ń da iyọ̀ lé iyọ̀, nígbà tó jẹ́ pé òórùn ló sọnù. Bí ó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wàhálà dé nìyẹn.

Ìyá kan wà nínú ìdílé wa, ẹni ọdún 76, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Láàárín oṣù márùn-ún, ó rù láti 61 kílò di 57. Ó ní gbogbo oúnjẹ ń ṣe òun lẹ́nu bí ẹni lá irin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn àlejò pé ìyàwó ọmọ òun ń ṣahun sí òun. Ọmọbìnrin náà sunkún títí.

Ohun tó yọ wọ́n ni pé wọ́n kó gbogbo oògùn màmá sínú ọ̀rá kan, èyí tí dókítà kọ àti èyí tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Metifọ́mìnì tó ń lò fún àtọ̀gbẹ lè mú kí ẹnu máa ṣe bí irin, ó sì lè pa ebi, pàápàá bí a bá gbé e mì sínú ikùn òfìfo bí màmá ti ń ṣe. Kapitopíríìlì tó ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè ba ìtọ́wò jẹ́. Pirítìn tó ń lò lálaalẹ́ nítorí ara yíyún sì ń gbẹ itọ́ ẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ láìsí itọ́, adùn oúnjẹ kò lè dé ahọ́n dáadáa. Dókítà ní kí ó fi Pirítìn sílẹ̀, kí ó máa lo metifọ́mìnì pẹ̀lú oúnjẹ, ó sì pààrọ̀ kapitopíríìlì. Dókítà ló ṣe é o! Ẹni tó bá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ̀ nítorí ọbẹ̀, ó lè fi àrùn rọpárọsẹ̀ gbà á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹnu rẹ̀ kò ṣe bí irin mọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ṣì kéré. Inú ló kù. Ikùn àgbà kì í tètè dà, èyí tó jẹ láàárọ̀ lè ṣì wà níbẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ìgbẹ́ bá tún wá há, ebi kò ní pa á. Nítorí náà wọ́n pín oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún kéékèèké: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín díẹ̀ láàárọ̀, ẹyin kan ní aago mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í jẹ́ kí ó mu omi púpọ̀ kété kó tó jẹun, àárín oúnjẹ sí oúnjẹ ni wọ́n ń fún un lómi. Dípò iyọ̀ àti mágí, irú, efinrin àti ata díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún ọbẹ̀ rẹ̀. Gbígbóná ni wọ́n sì ń gbé e fún un, torí ooru ló ń gbé òórùn dìde.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ti ogbó o. Bí àgbà tó ń jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ tó kọjá bá kọ oúnjẹ lójijì, ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀ tàbí eyín ń dùn ún, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà. Ìbànújẹ́ opó náà a máa pa ebi. Bí ẹni 60 kílò bá sì fi 3 kílò rù láàárín oṣù mẹ́fà láìṣe pé ó fẹ́ rù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ní ti màmá wa, imú rẹ̀ kò padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀. Kò lè gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tó ti kan, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbọ́ ti gáàsì tó ń jò. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ yẹn náà ló ń ṣí ìkòkò gbóòórùn fún un láràárọ̀, òun ló sì ń pa sílíńdà gáàsì kó tó lọ sùn.