Kì í ṣe èdè méjì ló da ọmọ rú



Ẹni tó kọ̀wé sí olóòtú lọ́sẹ̀ tó kọjá ní fífi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ní ìṣirò ìdá ń da orí wọn rú. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Kàbà, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń pe ìdá náà ló ń dà wọ́n rú.

Mo kọ ìtọ́ni ní Yorùbá: ẹ ká pépà sí ọ̀nà mẹ́rin ọgbọọgba, ẹ kun ọ̀kan, ẹ tún kun méjì sí i. Àpẹẹrẹ tó tẹ̀lé e wà ní Gẹ̀ẹ́sì: 1/4 + 2/4. Ọ̀pọ̀ wọn kọ 3/8. Ẹ̀bi mi ni. "Ọ̀kan nínú mẹ́rin àti méjì nínú mẹ́rin" ni mo ń pè é, wọ́n sì ro gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n gbọ́ pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fún ìdá náà lórúkọ, kọ́tà, bí ẹni ń ka iṣu: kọ́tà kan, kọ́tà méjì. Yorùbá náà ní irú orúkọ yìí. Ṣebí gbogbo ọmọ ló mọ ìdámẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yí ìtọ́ni padà sí "ìdámẹ́rin kan àti ìdámẹ́rin méjì". Wọ́n dáhùn pé ìdámẹ́rin mẹ́ta, wọ́n sì kọ 3/4.

Ẹni tó bá ṣì kọ 3/8, mo ní kó wo pépà rẹ̀. 2/4 nìkan ti tó ìdajì. 3/8 kò sì tó ìdajì.

Fífi Yorùbá kọ́ ìṣirò kì í ṣe nǹkan tuntun: láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Ifẹ̀. Àmọ́ orúkọ ìdá nìkan kò ní tó fún 1/2 + 1/4: ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìdajì náà ká sí ìdámẹ́rin méjì.