Ẹ fi ìyá oní-gàrí sílẹ̀ o

Ẹ̀yin tèmi, ẹ sún mọ́bí, ọ̀rọ̀ gàrí ni. Ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí oúnjẹ bá ti wọ́n, ẹnì kan á yọ síta, á ní: "Gàrí tí wọ́n yan nílẹ̀ wa níbí, kí ló kàn án kan dọ́là? Ọ̀kánjúwà àwọn ìyá ọlọ́jà ló ń pa wá." Èèyàn rẹpẹtẹ á sì máa pín in kiri.

Ọ̀kánjúwà? Ó dáa. Ṣé ọdún 2023 ni àwọn ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọlọ́kànjúwà ni? Lóòótọ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà kan wà tí kì í jẹ́ kí àjèjì já ẹrù sọ́jà wọn, kí iye má bàa wálẹ̀. Ìwà burúkú ni, mi ò gbè wọ́n. Àmọ́ ìyẹn lè mú kí ọjà wọ́n ni, kò lè mú kó máa gòkè lóṣooṣù láti Bódìjà dé Máìlì 12.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé gàrí yẹn láti oko. Ọkọ̀ ló ń kó ẹ̀gẹ́ wá síbi tí wọ́n ti ń bó o. Ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, epo ló ń mu. Wọ́n á fún un, wọ́n á yan án, wọ́n á rọ ọ́ sápò, ọkọ̀ akẹ́rù á tún gbé e wọ̀lú. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà bẹntiróò kan tí kò tó ₦200 di ₦488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oṣù kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀: dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 ní báńkì ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di ìparí oṣù kejì 2024. Epo tí wọ́n ń kó wọlé, dọ́là ni. Dísẹ̀lì inú ọkọ̀ akẹ́rù, táyà, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, dọ́là náà ni. Ṣ'ẹ rí ohun tó kàn án?

Èyí táwọn èèyàn kì í rò tiẹ̀ nìyí. Nígbà tí ìrẹsì kọjá agbára wa, kí la sá lọ jẹ? Gàrí náà ni. Gbogbo wa ya bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gẹ́ sì máa ń lò tó oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó ṣe é wà. Kò sẹ́ni tó lè gbìn ín lónìí kó yan án lọ́la. Àwọn tó ń rà pọ̀ sí i, gàrí ò pọ̀ sí i.

Ká wá ní ìyá ra àpò kan ní ₦30,000, ó tà á ní ₦33,000. Ó padà lọ ra òmíràn, wọ́n ní ó ti di ₦36,000. Ó jèrè o, síbẹ̀ kò lè ra odidi àpò mọ́. Tí kò bá wo iye tó máa fi ra òmíràn kó tó dá iye lé èyí tó wà nílẹ̀, owó òwò ẹ̀ á gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní ọ̀kánjúwà nìyẹn.

Ìjọba àpapọ̀ náà sì ti yá owó lọ́wọ́ báńkì àpapọ̀ títí ó fi lé ní ₦22 tírílíọ̀nù, kí wọ́n tó sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní 2023. Owó tuntun ya wọ ìgboro, ẹrù ò pọ̀ tó o. Ìyá wo lẹ rí níbẹ̀?

Owó oṣù wá ńkọ́? Gàrí ní ọjọ́ ọjà, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún iye ẹ̀ dá. Owó oṣù tó kéré jù, òfin ló ń gbé e. ₦30,000 ni ní oṣù kẹrin 2019, ó di oṣù keje 2024 kó tó di ₦70,000. Ní oṣù kẹfà 2024 yẹn, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba ní oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Owó oṣù inú òfin ṣì jókòó sí ₦30,000.

Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan ń gba ₦70,000, tó ń fi ₦40,000 jẹun. Tí oúnjẹ bá tún fi 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, oúnjẹ kan náà di ₦56,000. Owó ilé, owó ọkọ̀, oògùn àti dátà, ₦30,000 ló ń bójú tó wọn tẹ́lẹ̀. Ó ti di ₦14,000. Kò tó ìdajì mọ́. Olówó tí oúnjẹ ò kó ju ìdá mẹ́wàá owó ẹ̀ lọ ò ní mọ̀ ọ́n lára báyìí.

Ẹ ó sì gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀wọ́ngógó ti ń rọlẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ọjà lápapọ̀ ń bọ̀ wálẹ̀ o, ó kàn ń rọra gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Òfin 2024 ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa yẹ owó oṣù wò báyìí, dípò ọdún márùn-ún. Ẹni tí inú bá ń bí, kó lọ bínú síbẹ̀: ọdún mẹ́ta, nígbà tí ọjà ń yí padà lọ́jọ́ márùn-ún.