Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kò gba ẹjọ́ wẹ́wẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ jẹ́wọ́ owó kan tí mo bá oníṣòwò fi ṣòfò, kí ẹ̀yin tó ń lọ fún ìkọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìpolówó lọ́dún yìí má baà ṣe irú rẹ̀. Ìkẹjà ni mo ti ṣe tèmi, ní sítúdíò kékeré kan tó ń ká ìpolówó sílẹ̀ fún rédíò. Oníbàárà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ni Alhaja kan tó ní ilé búrẹ́dì ní Agége. Owó ìpolówó ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá fún ọ̀sẹ̀ kan ló mú wá, inú èrè búrẹ́dì ló sì ti yọ ọ́.

Mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lórí rédíò láti kékeré. Mo kí gbogbo olólùfẹ́ kú àárọ̀. Mo ní búrẹ́dì náà dùn, ó rọ̀, ó ń ṣara lóore, kò wọ́n, wọ́n sì ń gbé e lọ sí òde ìgbéyàwó. Mo to Agége, Ìjù, Ọgbà, Abúlé Ẹ̀gbá àti Ìkẹjà jọ. Mo wá fi nọ́ńbà fóònù méjì dé e lórí. Nígbà tí mo fi aago sí i, ìṣẹ́jú àáyá 47 ni. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó kà á ní kí n má dààmú, òun á sáré. Ó sáré lóòótọ́. Ó parí rẹ̀ nínú 30, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ bí ẹni tí ajá ń lé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà parí, mo lọ sí Pẹn Sínẹ́mà láti bi àwọn tó ń jẹ ẹ̀wà àgọ̀nyìn bóyá wọ́n gbọ́ ìpolówó náà. Àwọn mélòó kan gbọ́ ọ. Obìnrin kan tiẹ̀ sín sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó dárúkọ búrẹ́dì náà, orúkọ ilé búrẹ́dì mìíràn ló sọ. Owó Alhaja la fi polówó ọjà ẹlòmíràn.

Èrò tèmi lẹ́yìn ìgbà náà nìyí: ibi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí ló ń tàn wá. Ìpolówó àwọn ilé iṣẹ́ ńlá là ń gbọ́, òun náà là ń sín jẹ. Ẹ wo Àgídìngbí. Lójú òpópónà Lateef Jakande kan náà ni rédíò Lagos àti ilé iṣẹ́ Cadbury tó ń ṣe Bọ́nfítà wà. Ẹni tó bá ń polówó Bọ́nfítà lè fi orin nìkan kún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú agolo náà. Ẹ̀rí tiwọn ti wà nínú ilé oníkálukú láti ìgbà èwe. Alhaja Agége kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Inú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá náà ló ti gbọ́dọ̀ mú un jáde.

Ohun mẹ́rin ni irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ nílò: ìwọ̀ tí yóò gbé etí, kókó kan ṣoṣo, ẹ̀rí, àti gbólóhùn ìparí. Orúkọ wọn kò le. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni pé a kì í fún ẹ̀rí láyè, a sì máa ń wá ìwọ̀ ká tó mọ kókó. Èmi gbà pé kókó ló yẹ ká kọ́kọ́ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Láti rí kókó, mo padà lọ bi àwọn tó ń ra búrẹ́dì náà léèrè ìgbà tí wọ́n ń rà á àti ìgbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lọ́nà Ọba Akran. Alẹ́ ni wọ́n ń ra búrẹ́dì, bí wọ́n bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, òwúrọ̀ kùtù kí wọ́n tó lọ fún ṣíìfù ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó ní búrẹ́dì òun kò dùn. Ohun tí wọ́n ń ráhùn sí ni pé ó máa ń le kí ilẹ̀ tó mọ́. Kókó dé nìyẹn: búrẹ́dì Alhaja ṣì máa ń rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Adùn, owó pọ́ọ́kú àti òde ìgbéyàwó ní láti jáde. Ó dùn mí láti pa wọ́n rẹ́, nítorí òótọ́ ni gbogbo wọn.

Bí kókó bá ti dúró, ìwọ̀ kì í pẹ́ jáde, nítorí inú ìráhùn yẹn náà ló wà. Ìkíni kì í ṣe ìwọ̀. Fèrè ọkọ̀ àti ariwo ìlù kì í ṣe ìwọ̀ ní Agége, níbi tí fèrè ọkọ̀ pọ̀ ju ẹyẹ lọ. Ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú dánfó, kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìkan ló lè mú kó gbé orí sókè.

Ẹ̀rí ló gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Àkọ́kọ́ tí mo kọ ni pé búrẹ́dì náà kò ní bíróméètì. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní NAFDAC ti fòfin dè é fún gbogbo oníbúrẹ́dì, ta wá ni mò ń fi yangàn sí? Mo tún kọ pé òun ló dára jù ní Èkó. Ó ní ìpolówó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lójú àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò fún ARCON, àjọ tó gba ipò APCON lọ́dún 2022, bí wọ́n bá sì ní ká fi hàn wọ́n bó ṣe dára jù, kí la fẹ́ mú kalẹ̀? Oríkì ni gbogbo ohun tí mo ń kọ. Ohun tí olùgbọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wò ni ẹ̀rí, ó sì tún yẹ kó ná ọlọ́jà ní nǹkan bó bá já sí irọ́. Bí kò bá lè ná an ní kọ́bọ̀, a kò tíì rí ẹ̀rí.

Mo gbé búrẹ́dì mẹ́fà lọ sílé. Mo so ẹnu ọ̀rá mẹ́ta, mo ṣí mẹ́ta sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ìka tẹ gbogbo wọn láàárín. Àwọn tí mo so wú padà bí ìrọ̀rí. Méjì nínú àwọn tí mo ṣí sílẹ̀ ti gan. Ká ní inú fíríìjì ni mo gbé wọn sí ni, wọn ì bá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí fíríìjì máa ń yára mú búrẹ́dì le. Ìdí nìyí tí sísọ ẹnu ọ̀rá fi wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá gbàgbé rẹ̀, ẹ̀rí wa ni yóò dójú tì wá.

Mo wá sọ fún Alhaja pé kó ṣèlérí láti pààrọ̀ èyí tó bá le. Ó wò mí títí.

“Ọmọ mi, ta ni yóò san owó èyí tí wọ́n bá gbé padà?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

Ó pe olórí àwọn tó ń yan búrẹ́dì fún un. Ọkùnrin yẹn ní òun lè fọwọ́ sọ̀yà bí wọn kò bá kó búrẹ́dì sọ́rá nígbà tó ṣì gbóná, nítorí ooru rẹ̀ a máa di omi nínú ọ̀rá, á sì tètè bu. Wọ́n gbà láti jẹ́ kó tutù dáadáa kí wọ́n tó dì í. Alhaja bá gbà, ṣùgbọ́n ó ní inú ọ̀rá pupa tòun nìkan ni wọn yóò ti gba èyí tí wọ́n bá gbé padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rá pupa ti rí àyè nínú gbólóhùn ìparí.

Èyí tí a ká sílẹ̀ nìyí. Mo fi Lágbájá dípò orúkọ rẹ̀. Ìró ọ̀rá tí wọ́n ń tú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin:

“Ìyá Ìbejì, búrẹ́dì tẹ́ ẹ rà lánàá, ṣé ó ti le? Búrẹ́dì Lágbájá ṣì máa ń rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ so ẹnu ọ̀rá rẹ̀ lálẹ́, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀ láàárọ̀. Bó bá wú padà, tiwa nìyẹn. Bí kò bá wú padà, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín, yóò fún yín ní òmíràn. Búrẹ́dì Lágbájá, inú ọ̀rá pupa. Lọ́la, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò.”

Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, 70 ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé irú òǹkà yẹn. Ìwé òyìnbó a máa dá iye ọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, èdè tiwọn ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, “tẹ́ ẹ rà” jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lórí ìwé, èémí kan ṣoṣo ló sì gbà lẹ́nu. Ẹ kà á sókè, kí ẹ fi aago fóònù yín sí i, kí ẹ sì dá ẹnu dúró lẹ́yìn ìbéèrè. Tiwa gba 27, tòun ti ìró ọ̀rá. Ẹ̀rí nìkan jẹ nǹkan bí ìdajì rẹ̀, mi ò sì ronú pé ó pọ̀ jù. Nọ́ńbà fóònù kò sí níbẹ̀ rárá: nọ́ńbà 11 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó di irin dánfó mú kò lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ fi àmì ohùn sórí gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó máa kà á. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa kọ́kọ́ ka “le” bí “lé” nínú ìwé tí mo tẹ̀ láìsí àmì, gbogbo sítúdíò sì ń bèèrè ẹni tí búrẹ́dì ń lé.

Búrẹ́dì tí wọ́n gbé padà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ju mẹ́rin lọ. Méjì nínú wọn kì í tiẹ̀ ṣe inú ọ̀rá pupa. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé nígbà tí mo tún dé ìdí ẹ̀wà àgọ̀nyìn, ọmọkùnrin kan ń fi ìka tẹ búrẹ́dì níwájú oníbúrẹ́dì, ó sì ń bínú pé alẹ́ ọjọ́ náà ni òun rà á, òun kò lè dúró di àárọ̀.

Alhaja tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ ká fi í kún un pé òun tún ń din ṣinṣín, ó ní kò lè gbà ju gbólóhùn kan lọ. Mo ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mìíràn nìyẹn, owó mìíràn sì ni. A ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà.