Ẹ Má Gé Ìtàn Àfòpiná Kúrú

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn wá kò ju ẹyọ kan lọ: pé a máa ń fi àkókò èèyàn ṣòfò. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ àwàdà tó gùn, tó ń yà sọ́tùn-ún, tó ń yà sósì, tí ìdí rẹ̀ wá já sí ohun tí ọmọdé náà mọ̀, àwọn ará wa á pòṣé, wọ́n á ní, "Ṣé ohun tí ẹ tìtorí ẹ̀ dá wa jókòó nìyí?" Àwọn tó gbọ́n nínú wọn tilẹ̀ ń fi òwe gbe ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Kí wá ni ti àwíìwítán lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó àbọ̀?

A ti gbọ́. A ò gbà. Ohun tí wọ́n ń pè ní òfò yẹn gan-an ni àwàdà ọ̀hún. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kò sóhun tó kù.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti wò lórí fóònù ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2009, Norm Macdonald, apanilẹ́rìn-ín ọmọ ilẹ̀ Kánádà, lọ sórí ètò tẹlifíṣàn tí Conan O'Brien ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ó sì sọ ìtàn àfòpiná kan tó lọ rí dókítà ẹsẹ̀. Egungun àwàdà náà kéré. Àfòpiná wọlé tọ dókítà ẹsẹ̀, ó ń ròyìn ìbànújẹ́ ọkàn rẹ̀. Dókítà ní ẹni tó ń wo àárẹ̀ ọkàn ló yẹ kó lọ bá, kí ló gbé e wá sọ́dọ̀ òun? Àfòpiná ní iná ló rí tó ń tàn. Ó parí. Ẹni tó bá sọ ọ́ báyìí, kò ní lò tó ìṣẹ́jú kan, àwọn tó ń gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ á sì kọjá sórí nǹkan mìíràn.

Norm kò sọ ọ́ báyìí. Ó jẹ́ kí àfòpiná jókòó, kó sì máa sọ tẹnu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́: ó ní òun ò mọ ohun tí òun ń ṣe níbi iṣẹ́ mọ́, ọ̀gá òun náà ò sì mọ̀ ọ́n, àfi pé ọ̀gá mọ̀ pé òun ní agbára lórí òun, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn. Ó dórí ilé: òun a jí lóru, òun a rí arúgbó obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí òun fẹ́ràn nígbà kan. Ó dórí ọmọ: òtútù ọdún tó kọjá pa ọmọ òun obìnrin. Ọmọkùnrin tó kù, òun ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́, torí pé ìwà ojo tí òun ń rí nínú dígí ni òun ń rí lójú ọmọ náà. Orúkọ àwọn ará Rọ́ṣíà gígùn-gígùn ló fún wọn, bíi ti inú ìwé ńlá àtijọ́ tí ìyà ń jẹ gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni dókítà tó wá béèrè ìbéèrè rẹ̀, tí ìdáhùn iná sì jáde.

Kí ni gbogbo ìyípo yẹn ṣe? Ó mú wa gbàgbé ohun tí a mọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àfòpiná kì í rí iná kó yà á. Bí ìtàn bá kúrú, ìmọ̀ yẹn ṣì wà lórí ahọ́n wa, ìdáhùn kò ní bá wa lójijì. Ṣùgbọ́n bí àfòpiná bá ti sọ̀rọ̀ ọ̀gá, tó sọ̀rọ̀ aya, tó sọ̀rọ̀ ọmọ tó kú, kì í ṣe kòkòrò lójú wa mọ́. Ó ti di bàbá kan tí ayé sú. Àánú rẹ̀ ti ń ṣe wá. Ìgbà yẹn ni gbólóhùn kan ṣoṣo wá dá a padà sí kòkòrò. Ẹ̀rín tó bú jáde, ara wa la fi ń rín, pé ọ̀rọ̀ tó wà lójú wa látìbẹ̀rẹ̀ ni a kò rí.

Àwa Yorùbá gan-an ló yẹ kó lóye èyí jù. Ẹ gbọ́ orúkọ náà wò: a-fò-pa-iná, ẹni tó fò láti lọ pa iná. Ìdí àwàdà náà wà nínú orúkọ kòkòrò náà ní èdè wa. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá ti tú àṣírí látorí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Àwọn kan á sá fún un, wọ́n á ní "kòkòrò kan", wọ́n rò pé àwọn gbọ́n. Èyí burú, torí pé bí iná bá wá dé níkẹyìn, ẹni tó ń gbọ́ á ní wọn kò sọ irú kòkòrò tó jẹ́ fún òun. Wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tó tọ́ ni ká pe orúkọ náà ní gbangba, ká sì ro ẹjọ́ rẹ̀ títí orúkọ yóò fi di orúkọ lásán létí olùgbọ́. Nítorí náà, ní Yorùbá, ìtàn yìí nílò gígùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹni tó bá ní ká gé e kúrú, àwàdà náà ló ní ká pa.

A ò sọ pé gígùn nìkan tó o. Ibi tí àwọn tó ń fara wé e ti ń kùnà nìyí, ibẹ̀ ni a sì ti gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pòṣé. Wọ́n á to ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni ń to bíríkì: ó rìn, ó rìn, ó rìn, ó dé ìkóríta, ó tún rìn. Ìyẹn kì í ṣe ìyípo, ìyà ni. Ìyípo tó dára, gbogbo ibùdókọ̀ ojú ọ̀nà rẹ̀ ló ní nǹkan tó tó jẹ.

Ẹ wo Mark Twain nínú *Roughing It* tó jáde ní 1872. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jim Blaine fẹ́ sọ ìtàn àgbò bàbá bàbá rẹ̀. Àfi tó bá mutí yó dé ìwọ̀n kan pàtó ni yóò tó sọ ọ́. Gbàrà tó dárúkọ ẹni tó ta àgbò náà, ó ti yà: ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń yá obìnrin mìíràn ní ojú dígí rẹ̀ láti fi gba àlejò, tí ojú náà kéré jù fún ihò rẹ̀, tó sì ń yí kiri, ó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí ẹ̀rọ ìhun-kápẹ́ẹ̀tì gbé mì, tí opó rẹ̀ lọ ra kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n hun ún mọ́. Blaine sùn lọ láìparí ọ̀rọ̀. Títí di òní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe àgbò. Ṣùgbọ́n ta ló rántí bínú nítorí àgbò? Ojú dígí àti kápẹ́ẹ̀tì ti san owó wa padà.

Àtúbọ̀tán rẹ̀ ni pé ẹni tó ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ máa wojú àwọn tó ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń béèrè pé "kí wá ni ìyàwó ẹ̀ sọ?", ẹ máa bọ̀. Bí wọ́n bá ti ń fọwọ́ kan fóònù, ẹ wá ọ̀nà àbájáde. Ìtàn àfòpiná dára ní ti èyí, torí pé dókítà lè béèrè ìbéèrè rẹ̀ nígbàkígbà: lẹ́yìn ọ̀gá, lẹ́yìn aya, lẹ́yìn ọmọ. Ìtàn tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ṣí báyìí, ẹ má gbé e dé iwájú èèyàn tó ní lẹ́kíṣọ̀ aago méjìlá.

Àwọn kan tún ní nǹkan òyìnbó ni, kò bá wa mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán èyí wò. Ẹ pa àlọ́ fún ẹgbẹ́ yín: kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Gbogbo wọn á pariwo "àgbàrá!" Ẹ mi orí, kí ẹ ní, "Rárá o. Ọmọ tí wọn ò kọ́." Òótọ́ ni, kò sí irọ́ níbẹ̀, ó sì bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ díẹ̀, wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín. Irú kan náà ni ti adìyẹ tó sọdá títì kó lè dé òdìkejì, èyí tí wọ́n ti ń tẹ̀ sínú ìwé ní Niu Yọ́ọ̀kì láti 1847. Ṣùgbọ́n àfi ẹni tó ti mọ àgbàrá tẹ́lẹ̀ ni tiwa á pa lẹ́rìn-ín. Àṣà tí kò bá ní àlọ́ kò lè já àlọ́ kulẹ̀. Ọlọ́rọ̀ àlọ́ ni wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì mú wa kọ gbogbo èyí. Irú kan wà tó ń jí orúkọ àwàdà yìí lò. Àwọn mẹ́ta á dìtẹ̀, wọ́n á pe jáḿbáìtì kan jókòó. Ọ̀kan á ní béárì méjì ń wẹ̀, èkíní ní kí èkejì bá òun na ọṣẹ, èkejì ní, "Kò sí ọṣẹ, rédíò." Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín dé ibi pé omi á bọ́ lójú wọn. Kò sí ìtumọ̀ kankan níbẹ̀, wọ́n mọ̀. Bí ọmọ náà bá bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó ṣàlàyé, wọ́n á sọ ọ́ di alágàbàgebè. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó gọ̀, Gẹ̀ẹ́sì kò yé e. A ti rí i ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a sì ti rí ọmọ tí kò dá sí ọ̀rọ̀ mọ́ nínú yàrá títí sáà fi parí.

Ẹ má pe ìyẹn mọ́ tiwa. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ ìyàtọ̀ rọrùn: ẹ wo ẹni tó ń san gbèsè. Nínú ìtàn àfòpiná, ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń san án. Òun ló fi ìṣẹ́jú púpọ̀ ṣòfò lójú gbogbo èèyàn, òun ni wọ́n ń pòṣé sí, gbogbo wa la sì jọ ṣubú sínú kòtò kan náà. Nínú ti rédíò, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú kòtò, àwọn tó gbẹ́ ẹ dúró lókè, wọ́n ń yọ fóònù láti fi ká a.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń pòṣé, ẹ pòṣé náà, ó wà lára ohun tí a ń wá. Ẹ ṣáà jókòó títí dókítà á fi béèrè.