Ẹ Yé Bu Àgbàdo La Fínísà

Ẹ̀yin olùsìn adìẹ Fẹ́sítàkì àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, àlejò àjọ̀dún 1977 ni wọ́n kọ́ ilé Fẹ́sítàkì fún, a sì ti sọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ di ilé adìẹ. Kò burú. Ohun tó burú ni ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ láti Àgbójú dé Sátẹ́láìtì, pé bí bírọ́ílà bá ti wọ ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àgbàdo ló máa mú un sanra de Kérésì. Àpò fínísà kan, àpò àgbàdo lílọ̀ kan, wọ́n á pò ó pọ̀.

Ìgbàgbọ́ náà ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Lóòótọ́ ni àgbàdo inú oúnjẹ máa ń pọ̀ sí i bí adìẹ ṣe ń dàgbà. Nínú kílò 100 àgbàdo, amúaradàgbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 9. Nínú sóyà kéèkì, ìyẹn sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, ó tó 44. Ọmọ adìẹ ń fẹ́ 22 títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin, lẹ́yìn ìyẹn 19 tó o. Nítorí náà, kílò 100 sítátà ń gba àgbàdo 56.5 àti sóyà 38.5, fínísà ń gba àgbàdo 65 àti sóyà 30. Kílò 5 tó kù jẹ́ eegun lílọ̀, ìkarahun lílọ̀, iyọ̀, fítámì, láísìnì àti mẹtiónìnì.

Ẹni tó po fínísà ti fi àgbàdo kún un kó tó dé ọwọ́ yín. Èyí tí ẹ tún ń bù sí i, àbùlà ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kílò 25 fínísà ní amúaradàgbà kílò 4.75. Kílò 25 àgbàdo mú 2.25 wá. Ó di 7 nínú kílò 50, ìyẹn 14 nínú 100. Iyọ̀, eegun àti fítámì inú fínísà náà ti fọ́n ká, wọ́n di ìdajì. Àgbàdo ní agbára, ṣùgbọ́n láísìnì tí adìẹ fi ń kọ́ ẹran ara kéré nínú rẹ̀. Agbára tí kò bá rí ẹran kọ́, ọ̀rá ló ń dà. Ẹ ó rí i níwájú ọ̀bẹ: ọ̀rá pupa rúsúrúsú yí iwe ká, ó dí ìdí pa, igbáàyà sì rí pẹlẹbẹ. Kó tó dìgbà yẹn, ìyẹ́ kì í bo ẹ̀yìn wọn dáadáa, wọ́n á sì máa ṣá ara wọn.

Ẹlòmíì á ní owó òun kò ká fínísà. Àpò náà á pẹ́ kó tó tán, lóòótọ́, ṣùgbọ́n adìẹ náà á pẹ́ kó tó tó tà, á sì máa jẹun lọ.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó ya adìẹ mẹ́wàá mẹ́wàá sọ́tọ̀ sí ọ̀wọ́ méjì ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, fínísà nìkan fún ọ̀kan, àbùlà fún èkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó wọ̀n wọ́n, kó pa méjì méjì, kó yọ ọ̀rá inú wọn, kó gbé e sórí òṣùwọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.