Ọ̀rọ̀ Tí Ẹnu Olùdíje Lè Gbé

Nígbàkigbà tí ìdìbò bá ń bọ̀, àwọn olùdíje a máa wá kí àwa Yorùbá tí ń gbé Àbúlómà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe Yorùbá. Èdè Òkìríkà tàbí èdè mìíràn ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kàwé. Síbẹ̀, wọn a fẹ́ fi Yorùbá sọ̀rọ̀, ọmọ Yorùbá kan ni yóò sì bá wọn kọ ọ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé a máa kọ èyí tó dùn létí ara rẹ̀, kì í kọ èyí tí ẹnu àlejò lè gbé. Àwọn èrò a rẹ́rìn-ín, wọn a pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tó gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ṣèlérí. Ìlérí tí a kò gbọ́, báwo ni a ó ṣe bi í léèrè lọ́la?

Ẹ wo irú gbólóhùn tí wọ́n sábà ń kọ: "Inú mi dùn jọjọ láti wà láàárín ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ péjúpésẹ̀ síbí lónìí, mo sì fi ọ̀wọ̀ ńlá ṣèlérí pé bí ẹ bá dìbò fún mi, gbogbo títì ìlú yìí ni n ó tún ṣe." Yorùbá tó gún régé ni. Ṣùgbọ́n èémí àlejò yóò tán kí ó tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Bí ó bá sì mí níbi tí kò yẹ, ìtumọ̀ ti já nìyẹn.

Ohùn tún wà níbẹ̀. Bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀ lórí "ọ̀wọ̀", ó di "ọwọ̀", ọwọ̀ sì jẹ́ àmì ẹgbẹ́ òṣèlú kan. "Ìlú" a di "ìlù". Kò sí àyè láti kọ́ àgbàlagbà ní ohùn Yorùbá ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí akọ̀wé yọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò. Kí ó fi "Àbúlómà" dípò "ìlú", kí ó sì fi "mo kí yín" dípò ọ̀wọ̀ ńlá.

Bí a bá tún un kọ, ó lè rí báyìí: "Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin ará. Mo kí yín. Inú mi dùn. Ẹ dìbò fún mi. Mo máa tún títì Àbúlómà ṣe. Ẹ ṣé púpọ̀." Ohun kan ṣoṣo ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń sọ. Èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ.

Nínú ìwé tí olùdíje yóò mú lọ́wọ́, kí a kọ "Ẹ shé kpúkpọ̀", nítorí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ti mọ́ lára yóò ka "p" bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Òkìríkà ní ìró "kp" nínú èdè rẹ̀. Kìkì kí ó rí i nínú ìwé ni. Bí ó bá pe "n" inú "yín" jù, kí a fi í sílẹ̀. Èyí kò ba ìtumọ̀ jẹ́.

Kẹ́nẹ́dì, ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣe irú èyí ní Bẹ̀líìnì ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1963. Èdè Jámánì kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ̀pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn Jámánì tí gbogbo ayé ń rántí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: ó ní ọmọ Bẹ̀líìnì ni òun. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé pélébé bí ìró rẹ̀ ti rí lójú ẹni tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó rí níhìn-ín: kí ìkíni àti ìlérí kan jẹ́ Yorùbá, kí ògbufọ̀ sì túmọ̀ ìyókù.

Kí ọjọ́ tó pé, kí olùdíje ka ìwé náà sókè. Kí ẹni tí kò rí ìwé náà rí kọ ẹ̀yìn sí i, kí ó sọ ohun tí ó gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bá gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, òfin tí ń dáàbò bo aláìmọ̀wé sọ pé ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀, kí onítọ̀hún tó fọwọ́ sí i. Òfin yìí kò kan ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ bá a mu. Kí a kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Olùdíje tí kò mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ lè sọ lọ́la pé wọ́n kàn kọ ọ́ fún òun ni. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà tó yé e, tó sì yé àwọn tó gbọ́, kò ní ibi tí yóò sá gbà.