Wọ́n ní aṣọ kò dé, báǹkì sì ti yọ owó Ìyá Aláṣọ l'Ọ́jà Ọba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ná Ọjà Ọba n'Ìbàdàn, tẹ́ ẹ máa ń ti Mápó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọjà àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀ kì í ṣe owó ìdí aṣọ nìkan mọ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta aṣọ òkè. N ò ní í dárúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣáà máa pè é ní Ìyá Aláṣọ. Orí àpótí tó jókòó sí nínú ìsọ̀ rẹ̀ ló ti ń tajà fáwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á fi líǹkì ránṣẹ́ sórí fóònù oníbàárà, oníbàárà á fi káàdì sanwó, owó á sì wọ àkáǹtì ìyá ẹ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí di ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024. Ọjọ́ náà ni ìwé dé látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gba owó káàdì. Wọ́n ní ẹni tó ni káàdì ti lọ sí báǹkì ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lóun sanwó aṣọ, òun ò rí aṣọ. ₦900,000 lowó náà, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò nínú owó tó yẹ kó wọlé fún ìyá náà lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀, ó ṣì jẹ ahunṣọ rẹ̀ n'Ísẹ̀yìn lówó.

Ló bá figbe ta. Ó ní, "Bọ̀dá oníròyìn, ẹ bá mi gbé e sínú ìwé yín, kí gbogbo ayé mọ̀ pé olè ni wọ́n!" Mo ní kó sinmi ariwo ná, torí ìwé yẹn ní gbèdéke. Ọjọ́ Furaidé ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ fèsì dà. Bí kò bá fèsì, wọ́n á gbà pé ó ti jẹ̀bi nìyẹn. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdánù, kì í ṣe pé ẹjọ́ wọn kò dáa, wọ́n kàn pẹ́ dé ilé ẹjọ́ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i yìí làwọn ilé-iṣẹ́ káàdì ń pè ní ṣáàjì-báàkì. Kì í ṣe ìjọba Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀, kì í sì í ṣe ọgbọ́n jìbìtì. Lọ́dún 1974 ni wọ́n ṣòfin l'Amẹ́ríkà pé oníkáàdì lè bá báǹkì rẹ̀ jiyàn lórí owó tí wọ́n kọ sí i lọ́rùn. Visa àti Mastercard náà ní ìlànà tiwọn tó kárí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lo káàdì wọn. Owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá padà fún oníkáàdì, kí wọ́n tó ní kí oníṣòwò wá wí tẹnu ẹ̀. Fún ẹni tó bá ní ọjà kò dé, Visa fún un ní ọjọ́ 120 láti ọjọ́ tó yẹ kó rí ọjà náà gbà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, oṣù mẹ́rin nìyẹn. Ẹni tó ti ju risíìtì nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló fẹ́ fi jà?

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò Bẹẹrẹ tó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń yẹ irú ẹjọ́ yìí wò. Òun la lọ bá. Kò tilẹ̀ bèèrè ìtàn lọ́wọ́ wa, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ má bínú, Mà, nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀sùn yẹn?" A wò ó, 13.1 ni. Ó ní ẹ̀sùn pé ọjà kò dé ọwọ́ nìyẹn lọ́dọ̀ Visa. Ká ní 10.4 ni, á jẹ́ pé oníkáàdì lóun kọ́ lòun fi káàdì òun rajà. Ká ní 13.3 ni, á jẹ́ pé ọjà dé, àmọ́ kò rí bí wọ́n ṣe júwe ẹ̀ fún un. Ó ní, "Mà, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín nìkan lẹ máa dáhùn. Èyí tó ń dùn yín lọ́kàn, ẹ fi sílẹ̀."

Ẹ wá wo ìwé tí ọmọ Ìyá Aláṣọ ti kọ sílẹ̀ kí àwa tó dé ibẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta gbáko! Ó sọ iye ọdún tí ìyá òun ti ń tajà, ó sọ pé ọmọlúàbí ni wọ́n, ó sì fi ẹ̀rí sí i pé oníkáàdì tẹ nọ́ńbà OTP tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ kó tó sanwó. Ọmọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní OTP dára tó bá jẹ́ pé ẹ̀sùn 10.4 ni, torí ó ń sọ ẹni tó sanwó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ò sọ pé òun ò sanwó, ó ní òun ò rí ọjà ni. OTP ò mọ ẹni tó gba ẹrù lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó rèé. Ọkọ ló ni káàdì, ìyàwó ló ni aṣọ. Gèlè àti ìpèlé fún èèyàn méjìlá ni ìyàwó náà ní kí wọ́n bá òun hun fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, ₦60,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ìfiránṣẹ́ sì jẹ́ ₦180,000. Peckham ni wọ́n ń gbé, àdírẹ́sì ibẹ̀ ló sì wà lórí ìwé nígbà tí wọ́n sanwó lọ́jọ́ 6, oṣù Kẹta. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹrù gbéra, ìyàwó fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù pé kí wọ́n kó o lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Croydon, torí kò ní í sẹ́ni nílé. Ibẹ̀ ni ẹrù dé lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹrin, ẹ̀gbọ́n ló sì fọwọ́ sí i. Ọkọ ò mọ̀ sí i. Ó ń retí ẹrù nílé ẹ̀, kò rí i, ló bá gba báǹkì lọ. Ẹ ò rí i pé kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà!

Ṣùgbọ́n báǹkì ò mọ̀yẹn o. Bí Ìyá Aláṣọ bá fi ìwé ilé-iṣẹ́ akẹ́rù nìkan ránṣẹ́, ohun tí wọ́n máa rí ni pé káàdì ń jẹ́ orúkọ kan, ẹrù lọ sí àdírẹ́sì mìíràn, ẹlòmíì tí wọn ò mọ̀ rí ló fọwọ́ sí i. Ẹ̀rí tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ ló máa dá a lẹ́bi. Ohun tí ìlànà Visa ń bèèrè ni pé kó hàn pé oníkáàdì fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tó láṣẹ láti gbà á fún un, ló gba ọjà, níbi tí wọ́n jọ fàdéhùn sí. Ìyẹn ni pé a gbọ́dọ̀ so okùn kan láti ọwọ́ ọkọ dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó, kó má sì já lágbede méjì.

A bá ń tú fóònù. Ọlọ́run ṣe é, wọn kì í pa nǹkan rẹ́. A rí ọ̀rọ̀ tí ọkọ kọ lọ́jọ́ tó sanwó: "Màmá, mo ti sanwó aṣọ ìyàwó mi o, ẹ bá a sọ ibi tẹ́ ẹ máa kó o lọ." Oríkèé kìíní nìyẹn, ọkọ ti fún ìyàwó láṣẹ. Ìkejì ni ohùn tí ìyàwó fi yí àdírẹ́sì padà. Ìkẹta ni ìwé akẹ́rù tó gbé àdírẹ́sì Croydon yẹn gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́, aago, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Èyí tí wọ́n máa ń rí lórí fóònù, tó kàn ń sọ pé ẹrù ti dé Lọ́ńdọ̀nù, kò tó. Ìlú ni Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe àdírẹ́sì. Ìkẹrin ló sì dùn jù, ohùn ìyàwó lọ́jọ́ 4, oṣù Kẹrin: "Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n mi ti gba ẹrù o. Ó dára gan-an."

Ṣùgbọ́n ohùn Yorùbá ni, ẹni tó máa yẹ ẹjọ́ wò lè má gbọ́ Yorùbá. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú ohùn méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe rí, wọ́n sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ lédè òyìnbó sábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ojú fóònù náà pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà fóònù tó hàn kedere, wọn ò gé e.

Ìwé àdéhùn wá ńkọ́? Ìyá Aláṣọ ní méjì. Ọ̀kan wà lẹ́yìn risíìtì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà tá a bá tà, a kì í gbà á padà. Ọmọkùnrin yẹn ní ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìdí ni pé ẹ̀yìn tí oníbàárà ti sanwó tán ló tó rí i, àdéhùn tí ẹnìkan ò rí kó tó sanwó kì í ṣe àdéhùn. Yàtọ̀ síyẹn, ta ló ní òun fẹ́ dá aṣọ padà? Ìkejì ni fọ́ọ̀mù àwọ̀ òwú tí ìyàwó fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọjọ́ méjì ṣáájú owó. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá fẹ́ yí àdírẹ́sì padà, nọ́ńbà fóònù tó fi rajà ni kó fi ránṣẹ́, àti pé ẹni tó bá wà nílé níbẹ̀ lè bá a gba ẹrù. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ló mú kí Croydon di ibi àdéhùn. Ká ní ẹ̀sùn pé àwọ̀ kò bára mu ni, àwọ̀ òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù náà ni ì bá gbèjà rẹ̀.

Ojú ewé kan péré ni lẹ́tà tí wọ́n wá kọ. Wọ́n to ọ̀rọ̀ náà bí ọjọ́ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì fi lẹ́tà A dé E sára ẹ̀rí márùn-ún, kí ẹni tó ń kà á lè mọ èyí tó ń gbe ọ̀rọ̀ wo lẹ́sẹ̀. Wọn ò bú ọkọ, wọn ò dá sọ́rọ̀ ilé wọn. Gbogbo ẹ̀ wà nínú fáìlì PDF kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n débi tí wọ́n ti máa tẹ Accept tàbí Decline, ọmọ Ìyá Aláṣọ fẹ́ẹ́ ṣi ọwọ́ gbé, ó rò pé Accept ni òun máa tẹ̀ kí wọ́n lè gba ẹ̀rí òun. Bẹ́ẹ̀, ohun tí Accept ń sọ ni pé mo gbà, mo jẹ̀bi. Decline ni wọ́n tẹ̀, lálẹ́ Tọ́sìdeè, ó ku ọjọ́ kan.

Ìyàwó náà gbọ́, ojú tì í, ó ní òun máa fi owó ránṣẹ́ sí Ìyá Aláṣọ láti àkáǹtì òun, kí ọ̀rọ̀ parí. A ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí owó bá ti ibòmíì wọlé, tí báǹkì sì tún dá ti tẹ́lẹ̀ padà, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tó dáa ni kí ọkọ fúnra rẹ̀ sọ fún báǹkì rẹ̀ pé òun ti rí ọjà, kó sì fi kọ̀wé. Ó ṣe é, a tún fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́. Inú oṣù Kẹfà lowó padà wọlé, ahunṣọ Ìsẹ̀yìn sì gba tiẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, Ìyá Aláṣọ ní páálí kan lábẹ́ àpótí ìjókòó rẹ̀. Gbogbo ìwé ẹrù tó lọ òkè òkun ló ń wà nínú ẹ̀ fún ọdún méjì. Ó nídìí tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún aṣọ tí híhun rẹ̀ máa ń pẹ́, ọjọ́ tó yẹ kẹ́rù dé ni Visa ti ń ka ọjọ́ 120 yẹn, ẹ̀sùn lè jáde títí di ọjọ́ 540 lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n sanwó. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ń sọ lórí fóònù pé kí wọ́n ṣáà máa gbé ẹrù bọ̀, òun á sọ ibi tí wọ́n máa já a sí tó bá yá. Ìyá Aláṣọ ní, "Rárá o, ọmọ mi. Kọ ọ́ ránṣẹ́ kí n rí i ná."